Síkáànù Mẹ́ta fún Jẹjẹrẹ Kan: Ohun Tí Ọ̀kan Ń Rí Tí Èkejì Kò Rí

*Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Bàbá mi jẹ́ ẹni ọdún 71, Ìkọ̀lé-Èkìtì ni wọ́n ń gbé. Jẹjẹrẹ prósítéètì ni wọ́n bá lára wọn. Pí-ẹs-éè wọn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti prósítéètì, jẹ́ 64, Gílísìn wọn, èyí tó ń sọ bí jẹjẹrẹ náà ṣe le tó, jẹ́ 8, ẹ̀yìn sì ti ń dùn wọ́n láti bí oṣù mẹ́ta. Dókítà ní ká ṣe Sí-Tí, Ẹm-Áà-Áì àti síkáànù eegun. Ṣé kì í ṣe ohun kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń yà? Bí owó wa kò bá ká gbogbo rẹ̀, èwo ni ká kọ́kọ́ ṣe?*

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Kí n tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ kankan, mo fẹ́ kí ẹ pe bàbá lórí fóònù lónìí, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè díẹ̀. Ṣé ẹsẹ̀ wọn ti ń wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí ó ń yẹ̀ lábẹ́ wọn? Ṣé ara wọn ń kú láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀? Ṣé ìtọ̀ ti há mọ́ wọn nínú, tàbí ìgbẹ́ ń bọ́ láìmọ̀? Bí ọ̀kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni nínú wọn, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní èwo la ó kọ́kọ́ ṣe. Ẹ gbé wọn lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ fún dókítà tí ẹ bá bá lẹ́nu iṣẹ́ pé aláìsàn ní jẹjẹrẹ prósítéètì, ẹ̀yìn ń dùn ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń rọ. Ó ṣeé ṣe kí kókó jẹjẹrẹ máa tẹ okùn iṣan tó gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá. Ẹm-Áà-Áì gbogbo ọ̀pá ẹ̀yìn ló yẹ kí wọ́n ya láàárín wákàtí 24. Ẹni tó ṣì ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn nígbà tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń rìn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú pátápátá kò dájú pé yóò tún dìde.

Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, àyè wà láti fara balẹ̀ rò ó.

Ohun tí dókítà yín ń wá ni ìpele tí àìsàn náà wà. Lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sínú ìwé: T fún ibi tí jẹjẹrẹ dé nínú prósítéètì àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, N fún àwọn kókó omi-ara tó wà nínú ìbàdí, M fún ibi jíjìn tó bá ti fò lọ. Ti prósítéètì, eegun ni ó sábà máa ń fò lọ, pàápàá ọ̀pá ẹ̀yìn àti eegun ìbàdí. Ìdí wà fún un. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí prósítéètì ká so mọ́ àwọn tó yí ọ̀pá ẹ̀yìn ká, wọn kò sì ní ìlẹ̀kùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró kó má padà sẹ́yìn. Bí ènìyàn bá wú ikọ́ tàbí gbé ẹrù wúwo, ẹ̀jẹ̀ á gba ibẹ̀ gòkè. Nítorí náà, pẹ̀lú pí-ẹs-éè 64 àti ẹ̀yìn tó ń dùn, M ni ìbéèrè tó gbóná jù fún bàbá yín: ṣé ó ti dé eegun, eegun mélòó sì ni?

Ẹ fi ọ̀rọ̀ mélòó yẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Síkáànù eegun ni àwọn ẹbí aláìsàn máa ń ṣì lóye jù, nítorí náà òun ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Kò ya àwòrán jẹjẹrẹ rárá. Wọ́n á gún abẹ́rẹ́ sí iṣan apá bàbá, wọ́n á sì fa oògùn kan sí i tí eegun máa ń gbà sára nígbà tó bá ń mọ ara rẹ̀. Wọ́n ti so tẹkinísíọ̀mù mọ́ oògùn náà, èyí tó ń tan ìtànṣán gámà jáde. Eegun kì í ṣe òkúta. Ojoojúmọ́ ló ń wó díẹ̀ tó sì ń tún ara rẹ̀ mọ. Ibi tí mímọ náà bá ti le jù ni oògùn yóò dúró sí jù. Wọ́n á ní kí bàbá dúró fún bíi wákàtí mẹ́ta, kí wọ́n mu omi dáadáa, kí wọ́n sì tọ̀ kó tó di pé wọ́n dùbúlẹ̀, torí àpò ìtọ̀ tó kún fún oògùn lè bo eegun ìbàdí mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kámẹ́rà á ya wọ́n láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ibi tí oògùn pọ̀ sí á hàn ní dúdú.

Ẹni tó bá dúró lórí òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ ní ìdájí á rí èéfín tó ń rú láti ibi púpọ̀ nínú ìlú. Kò sí ilé tó fara sin fún un, ìyẹn sì ni agbára síkáànù eegun: gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, orí, èjìká, ẹfọ́n ìhà, itan. Ṣùgbọ́n láti orí òkè yẹn, kò lè mọ̀ bóyá gààrí ni wọ́n ń yan tàbí ilé ló ń jó. Eegun tó dá tó ń san, làkúrègbé orúnkún, eyín tó ń jẹrà nínú àgbọ̀n, gbogbo wọn ló ń rú èéfín. Àwọn bàbá wa tó fi ogójì ọdún kọ ebè kì í sábà ní ìbàdí tàbí orúnkún tí kò dúdú lórí síkáànù yìí.

Ẹm-Áà-Áì ní tirẹ̀ kò lo irú ìtànṣán ẹ́ksíréè tàbí gámà. Òòfà ńlá ni. Èyí tó wọ́pọ̀ ní ilé ìwòsàn ní agbára tó tó ìlọ́po 30,000 ti òòfà ilẹ̀ ayé, omi àti ọ̀rá inú ara ni ó sì ń fetí sí. Mùdùnmúdùn inú eegun àgbàlagbà kún fún ọ̀rá, ọ̀rá sì máa ń funfun lórí oríṣi àwòrán kan tí a ń kọ́kọ́ wò. Jẹjẹrẹ tó bá wọ inú eegun, mùdùnmúdùn ló ń kọ́kọ́ bà sí, á lé ọ̀rá kúrò, ibẹ̀ á sì dúdú. Èmi a máa fi ibẹ̀ wé ìrọ̀rí tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn méjì: bí inú eegun bá ti dúdú ju ìrọ̀rí yẹn lọ, ara mi kì í balẹ̀ mọ́. Gbogbo èyí lè ti ṣẹlẹ̀ kí ògiri eegun tó mọ̀ pé àlejò wọlé, ìyẹn ni pé kó tó di pé síkáànù eegun rí èéfín, kó sì tó di pé Sí-Tí rí ihò. Òun nìkan ló tún lè fi okùn iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn hàn dáadáa, kó sì sọ bóyá nǹkan ń tẹ̀ ẹ́.

Sí-Tí jẹ́ ẹ́ksíréè tó ń yí po ara, kọ̀ǹpútà á wá to àwòrán rẹ̀ ní abala tín-ín-rín tín-ín-rín bí búrẹ́dì tí wọ́n gé. Àyà, ikùn àti ìbàdí kì í gbà á ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, kí mímí tó lè ba àwòrán jẹ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní ẹlẹ́gbẹ́ fún ẹ̀dọ̀fóró, tó sì dára fún ẹ̀dọ̀ àti àwọn kókó omi-ara. Ó tún ń fi ògiri eegun hàn kedere, ibi tó ti sán, ibi tó ti ki ju bó ṣe yẹ lọ, ibi tí làkúrègbé ti hu ìwo sí i. Àléébù rẹ̀ ni pé ìwọ̀n ló fi ń dá kókó omi-ara lẹ́jọ́. Kókó tó ti fẹ̀ tó mìlímítà 10 là ń fura sí, bẹ́ẹ̀ sì ni jẹjẹrẹ lè wà nínú kókó tó jẹ́ mìlímítà 5. Bí ìwé bá kọ pé kókó omi-ara kò wú, kò túmọ̀ sí pé wọ́n mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi ẹnì kan hàn yín. Bàbá kan láti agbègbè Ìjerò, àgbẹ̀ tó tún ń ṣọdẹ nígbà èwe rẹ̀, ní irú pí-ẹs-éè tí bàbá yín ní. Síkáànù eegun ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún un. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, ojú wọn ti wú fún ẹkún. Ibi mẹ́fà ló dúdú: ẹfọ́n ìhà mẹ́ta ní apá òsì, orúnkún ọ̀tún, eegun kẹrin àti ìkejì nínú ọ̀pá ẹ̀yìn níbi ìbàdí. Ẹnì kan ti sọ fún wọn pé ó ti kárí ara.

Mo kọ́kọ́ wo àwọn ẹfọ́n ìhà. Ẹ̀keje, ẹ̀kẹjọ, ẹ̀kẹsàn-án, ojú dúdú kékeré kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, lórí ìlà kan ṣoṣo bí ẹni fi okùn tò wọ́n. Jẹjẹrẹ kì í tò bẹ́ẹ̀. Ó máa ń fọ́n káàkiri ni, bó bá sì wà lórí ẹfọ́n ìhà, ó sábà máa ń nà lọ sí gígùn eegun náà. Mo bi bàbá bóyá wọ́n ṣubú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọ̀kadà gbé àwọn ṣubú lójú ọ̀nà Àrámọkọ ní oṣù méjì sẹ́yìn, àwọn kò kà á sí. Sí-Tí fi hàn pé eegun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá, wọ́n sì ti ń san. Orúnkún jẹ́ làkúrègbé. Eegun kẹrin ìbàdí ẹ̀yìn, Sí-Tí rí ìwo tí làkúrègbé hù sí etí rẹ̀, níbi tí dúdú náà wà gan-an.

Ó ku ìkejì. Níbẹ̀, dúdú náà wọ inú eegun, ó sì nà dé ìdí rẹ̀ lẹ́yìn níbi tí apá eegun ti yọ jáde. Sí-Tí rí i pé ibẹ̀ ki díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá mi lójú. Ẹm-Áà-Áì ló parí ẹjọ́: mùdùnmúdùn ibẹ̀ dúdú bí èédú, jẹjẹrẹ ni. Kò sì mọ síbẹ̀. Nínú eegun àyà kẹwàá, ojú dúdú mìíràn wà tó tó ẹ̀pà kan, tí síkáànù eegun kò rí, tí Sí-Tí kò sì rí, torí inú mùdùnmúdùn ló ṣì wà, kò tíì kan ògiri. Okùn iṣan kò sí nínú ewu.

Ìyẹn ni pé nínú ibi mẹ́fà tí àwọn ọmọ ń sunkún lé lórí, ẹyọ kan ló jẹ́ jẹjẹrẹ, a sì rí òmíràn tí kò sí lára mẹ́fà náà. Ìwé rẹ̀ ṣì jẹ́ M1b, ìyẹn jẹjẹrẹ tó ti dé eegun. Ṣùgbọ́n iye ibi tó dé yí ìtọ́jú padà. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n gbé jáde ní Ìlú Ọba ní 2018 fi hàn pé bí jẹjẹrẹ tó ti fò lọ bá kéré, títan ìtànṣán sí prósítéètì fúnra rẹ̀ ní àfikún sí abẹ́rẹ́ họ́mónù, èyí tó ń dín họ́mónù ọkùnrin tó ń bọ́ jẹjẹrẹ náà kù, ń mú ẹ̀mí gùn. Bó bá ti pọ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n tún ṣe lórí iye wọn lẹ́yìn náà fi ààlà náà sí bí eegun mẹ́ta. Ibi mẹ́fà ì bá ti sé ilẹ̀kùn yẹn mọ́ bàbá Ìjerò. Ibi méjì ṣí i fún un. Kí n sì sọ èyí pẹ̀lú: síkáànù eegun àti Sí-Tí ni wọ́n fi ka iye nínú ìwádìí náà, kì í ṣe Ẹm-Áà-Áì. Nítorí náà, dókítà jẹjẹrẹ yín kò ṣàṣejù bó bá ṣì ń béèrè síkáànù eegun.

Síkáànù eegun tún lè tanni jẹ ní ọ̀nà méjì tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Nígbà tí jẹjẹrẹ bá ti kún gbogbo eegun pátá, kò ní sí ibi tó dúdú ju ibòmíràn lọ, àwòrán á sì dùn ún wò, bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ohun tó ń tú àṣírí rẹ̀ ni kíndìnrín. Lára ẹni tó dá, kíndìnrín máa ń hàn torí oògùn ń gba ibẹ̀ jáde. Bí eegun bá mọ́ gaara tí kíndìnrín sì ti di àwátì, eegun ti fa gbogbo oògùn mu. Èkejì, lẹ́yìn abẹ́rẹ́ họ́mónù, eegun tó ń san máa ń mọ ara rẹ̀ kíkankíkan, síkáànù tí wọ́n bá ṣe láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́ta lè dúdú ju ti àkọ́kọ́ lọ nígbà tí aláìsàn ń gbádùn, tí pí-ẹs-éè rẹ̀ sì ń wálẹ̀. Mo ti rí ẹbí tó fẹ́ pa oògùn tó ń ṣiṣẹ́ tì nítorí irú àwòrán bẹ́ẹ̀.

Ó wá kan owó. Bó bá jẹ́ bàbá tèmi ni, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn láti oṣù mẹ́ta, Ẹm-Áà-Áì gbogbo ọ̀pá ẹ̀yìn àti ìbàdí ni mo máa kọ́kọ́ san owó rẹ̀. Ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ prósítéètì ń kọ́kọ́ dé jù, ó ń rí i ṣáájú àwọn tó kù, òun ló sì lè kìlọ̀ fún wa kí ẹsẹ̀ tó kú. Yóò tún rí àwọn kókó omi-ara inú ìbàdí. Sí-Tí àyà, ikùn àti ìbàdí ló tẹ̀ lé e, fún ẹ̀dọ̀fóró àti ẹ̀dọ̀. Síkáànù eegun á jẹ́ ẹ̀kẹta, fún eegun orí, ẹfọ́n ìhà àti itan tí Ẹm-Áà-Áì yẹn kò dé. Bí ẹ̀yìn kò bá dùn wọ́n rárá ni, ètò mi ì bá yàtọ̀: síkáànù eegun àti Sí-Tí ni mo máa fi ṣáájú. Ẹ gbé èyí lọ bá dókítà yín, òun ló fọwọ́ kan bàbá. Bí síkáànù eegun bá sì ń pẹ́, ẹ má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ họ́mónù tìtorí rẹ̀ dúró.

Oríṣi Ẹm-Áà-Áì mìíràn wà tó jẹ́ ti prósítéètì nìkan, tó ń sọ bóyá jẹjẹrẹ ti já awọ rẹ̀ tàbí ó ti wọ àpò àtọ̀. Ó ṣe pàtàkì fún ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Bí jẹjẹrẹ bá ti wà nínú eegun bàbá, èsì rẹ̀ kò ní yí ohun púpọ̀ padà, owó rẹ̀ lè dúró. Bí wọ́n bá sì máa ṣe é, kí ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lẹ́yìn tí wọ́n gé ẹran fún àyẹ̀wò, torí ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú prósítéètì máa ń jọ jẹjẹrẹ.

Ní Adó níbí, ẹ lè ṣe Sí-Tí àti Ẹm-Áà-Áì ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá. Fún síkáànù eegun, Yú-Sí-Ẹ́ìṣì Ìbàdàn la máa ń rán ènìyàn lọ. Ẹ má kàn wọ mọ́tò lọ síbẹ̀. Tẹkinísíọ̀mù kì í ṣe oògùn tí wọ́n ń kó sí orí pẹpẹ, ìdajì rẹ̀ ń lọ ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, ohun tí wọ́n sì ń fún un jáde lára rẹ̀ ń ti òkè òkun wá nínú ọkọ̀ òfuurufú, òun náà ń gbó. Ẹ pè wọ́n ṣáájú, ẹ béèrè bóyá ó ti dé lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ sì gba ọjọ́ kan pàtó lọ́wọ́ wọn. Ìdajì tó ń lọ yẹn náà ni ìtura wa: lẹ́yìn wákàtí 24, ìdá kan nínú 16 péré ló kù. Kí bàbá má gbé ọmọ ọwọ́ lé ẹsẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, ó parí.

Kí wọ́n tó fún bàbá ní omi àfihàn fún Sí-Tí, èyí tí wọ́n ń fa sí iṣan kí àwòrán lè hàn kedere, kí wọ́n ti yẹ kíndìnrín wọn wò nínú ẹ̀jẹ̀. Prósítéètì tó wú lè ti dí ọ̀nà ìtọ̀ títí tí kíndìnrín fi ń jìyà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Fún Ẹm-Áà-Áì, irin ni ìṣòro. Bàbá Ìjerò yẹn ti sọ fún wọn pé kò sí irin lára òun. Ọmọ rẹ̀ ló rántí pé ìbọn ṣakabùlà fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Ẹ́ksíréè la kọ́kọ́ ya, a sì rí ọta mẹ́rin nínú ẹran itan, kò sí èyí tó wà nítòsí ojú tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá, kí a tó gbà kó wọlé. Bí ẹ̀rọ kékeré kan bá wà láyà bàbá yín tó ń bá ọkàn wọn lù, tàbí tí wọ́n ti ṣe alágbẹ̀dẹ tí irin ta sí wọn lójú rí, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ náà ń pariwo, bíi ìṣẹ́jú 40 ni wọ́n á sì fẹ̀yìn lélẹ̀ láìmira, nítorí náà kí wọ́n ti lo oògùn ìrora ṣáájú.

Ohun kan kù, òun ló sì ń dùn mí jù torí mo ń rí i léraléra. Ẹ ka ohun tí dókítà kọ sínú ìwé kí ẹ tó sanwó. Bí wọ́n bá kọ Ẹm-Áà-Áì ìbàdí ẹ̀yìn nìkan, eegun márùn-ún ìsàlẹ̀ ni wọ́n á ya, owó rẹ̀ á sì dín díẹ̀. Eegun àyà kẹwàá bàbá Ìjerò kò sí nínú márùn-ún yẹn. Ẹ bẹ dókítà kó kọ gbogbo ọ̀pá ẹ̀yìn láti ọrùn dé ìdí. Nígbà tí wọ́n bá parí, ẹ gba àwo sídíì tí àwòrán wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú ìwé èsì, kí ẹ sì kó ti gbogbo síkáànù dé ọ̀dọ̀ dókítà kan ṣoṣo, kó lè tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.